Bàbá mi ní òun ò fẹ́ àna Ìgbò: ohun tí mo wò kí n tó pinnu

Nígbà tí àwọn òbí ẹni bá kọ ẹni tí a mú wá sílé nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ọmọ ni pé ṣé ó fẹ́ràn ẹni náà dénú. Ọ̀pọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá nǹkan tí bàbá mi ń bẹ̀rù ń bọ̀ lóòótọ́, àti bóyá ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ yìí á lè dúró tì mí lọ́jọ́ tó bá dé. Ìbéèrè méjì yẹn ni mo fi ṣe ìpinnu mi, mo sì ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọbìnrin tó máa ń wá bá mi nídìí iṣẹ́ tí omijé á wà lójú wọn.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Èkó. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ abúlé kan nítòsí Orlu, ní Ìpínlẹ̀ Ímò, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, ó sì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè bá àwọn agbèrò ṣe àríyànjiyàn. Àwọn tirẹ̀ gbà mí. Ìyá rẹ̀ kùn díẹ̀ pé ọmọ Ìgbò ò tán nílé, ó sì dákẹ́. Ọ̀dọ̀ tiwa ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ní, "A kì í fẹ́ Ìgbò nílé yìí," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa iṣẹ́ mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sọ èyí tó kù: kòbókòbó, olówó òjijì, wọ́n á gbé e lọ síbi tí a ò ti ní fojú kàn án mọ́.

Mo gbà pé gbólóhùn àkọ́kọ́ tí òbí bá sọ kì í sábà jẹ́ ìdí tó wà nínú rẹ̀. "A kì í fẹ́ Ìgbò" kì í ṣe ìdí, ilẹ̀kùn ni ó fi tì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, kì í sì í ṣe ọmọ ni wọ́n máa ń ṣí i fún. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í jókòó síwájú bàbá kó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà mi ni a ó máa sọ títí di alẹ́, a ò ní sọ ti ọkùnrin náà mọ́. Nítorí náà, mo béèrè lọ́wọ́ màmá mi pé ta ni bàbá mi máa ń gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ní àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Mọ́níyà ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi bẹ bàbá mi. Mo kàn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn Ìgbò fi ṣe bàbá mi?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yẹlé fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ni Ìyá Ẹlẹ́yẹlé, mo sì mọ̀ pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní Ìbàdàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí ni pé akọ̀wé rélùwéè kan tó jẹ́ Ìgbò ló fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Ìgbò lókè Ọya lọ́dún 1966, tí ẹ̀rù sì bà wọ́n dé Ìbàdàn, ọkọ rẹ̀ sá lọ sílé, ó sì tẹ̀ lé e. Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967. Títí ogun fi parí lọ́dún 1970, ilé wa ò gbọ́ ìró rẹ̀, ìyá wọn sì kú nínú àìmọ̀ yẹn. Ó yè é, ọkọ rẹ̀ náà yè é. Iye owó yòówù kí ẹni náà ní ní báńkì, ogún pọ́n-ùn ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ayé fún wọn, wọ́n sì tún gbé ara wọn dìde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kan ní Àba. Nígbà tó yá ni ọkọ kú. Ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n bí. Àwọn arákùnrin ọkọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n gba ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní obìnrin kì í jogún. Bàbá mi ni wọ́n rán láti lọ kó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wálé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé tó bá ọkọ kọ́.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ìbínú mi sí bàbá mi yí padà. Mo tún rí i pé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rù ogún wà níbẹ̀, ìyẹn sì ní ìdáhùn. Ẹ̀rù ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, òun náà ní ìdáhùn, nítorí Èkó ni a ń gbé. Ẹ̀rù ogun wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí èmi tàbí ọkọ mi lè ṣe sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi ni kò ní ohunkóhun nínú. Ìkórìíra ni. A kì í fi àlàyé wo ìkórìíra. Ohun tí èèyàn lè ṣe ni kó wo bí agbára ẹni náà ṣe tó nínú ilé. Tiwa ò ní agbára tó bàbá mi. Ká ní bàbá mi gan-an ló ń sọ bí ó ṣe ń sọ, tí kò sí Ìyá Ẹlẹ́yẹlé kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ìpinnu mi ì bá le ju báyìí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbìyànjú kí ẹ pín in bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kó àwọn pásítọ̀ àti àgbààgbà lọ bẹ òbí lórí ẹ̀yà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òbí ń rò ni ibi tí wọ́n á sin ọmọ òun sí, tàbí ta ni yóò gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà sí Èkó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Mi ò bò ó, mi ò sì dín in kù. Lẹ́yìn náà, mo dákẹ́, mo ń wo ohun tó máa ṣe. Ibí yìí ni mo dúró lé jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀yà ẹnì kan bá ń ba àwọn òbí rẹ lẹ́rù, ohun tí ẹni náà bá ṣe pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn ni yóò sọ fún ọ irú ẹni tó jẹ́. Ó lè bínú pé wọ́n ń bú ẹ̀yà òun. Ó lè ní, "Ìyẹn ti pẹ́, àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó lè lọ wádìí.

Ọkọ mi lọ sílé nígbà ọdún tuntun. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè bí àwọn ìbátan baba, àwọn tí wọ́n ń pè ní ùmúnnà, ṣe ń ṣe sí opó. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé opó kan ń gbé ní agboolé wọn ní àlàáfíà, ó sì ń dá oko ọkọ rẹ̀. Ó tún sọ pé opó mìíràn wà, ìyàwó arákùnrin bàbá rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú un láti sọ ìkejì yẹn fún mi. Ìdí tí mo fi dúró ti ọkùnrin yìí nìyẹn. Ẹni tó bá lè mú ohun tó burú nílé tirẹ̀ wá síwájú mi ká tó ṣègbéyàwó, mo gbà pé kò ní fi pamọ́ fún mi lẹ́yìn rẹ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ni a lè ṣe sí i. A lọ bá agbẹjọ́rò. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Ukeje. Wọ́n ní àṣà Ìgbò tó ń dí ọmọbìnrin lọ́wọ́ láti pín nínú ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n dá ẹjọ́ opó kan láre, tí ìdílé ọkọ fẹ́ lé jáde nítorí pé kò bí ọkùnrin. Agbẹjọ́rò náà kìlọ̀ fún wa pé ìdájọ́ kì í rìn dé abúlé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní ìwé, kó sì ní ẹni tó máa dúró tì í. Ó ní kí a ṣègbéyàwó ní kóòtù pẹ̀lú, nítorí pé ìgbéyàwó abẹ́ òfin ló ń fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Èkó tó bá kú láìṣe ìwé. Ó ní kí orúkọ àwa méjèèjì wà lórí ilẹ̀ yòówù tí a bá rà, kí ọkọ mi sì kọ ìwé ìhágún, kó fi pamọ́ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ilẹ̀ ìdílé ní Orlu ò sí nínú èyí, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ti ìdílé ni.

Ohun kan tún wà tí mo ní kí Àǹtí mi sọ fún bàbá mi, ó sì gbà láti sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni. Nínú àṣà tiwa náà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún. Kò tíì pẹ́ tí a fi ń ṣú opó nílẹ̀ Yorùbá. Tí ọmọ Ìbàdàn bá fẹ́ mi, tó kú láìkọ ìwé, àwọn àbúrò rẹ̀ lè wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú. Ohun tí ọwọ́ wa fi ju tiwọn lọ ni pé ọmọbìnrin wa ń pín nínú ogún bí ọmọkùnrin. Ẹ̀rù bàbá mi tọ́ ní ibi kan, kò tọ́ ní ibòmíràn.

Kí n sọ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń fẹ́ ọmọ Ìgbò láti Anambra. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá ọkùnrin náà ni kò fẹ́ ọmọ Yorùbá fún àkọ́bí òun. Ọkùnrin náà ń ní kó ní sùúrù. Ó ń lọ sílé ní Kérésìmesì, ó ń padà wá, kò sì sí ẹnì kan nílé tó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fẹ́ ara wọn. Tí ìyá bá pè é lórí fóònù, ó máa jáde sí gbàgede. Níkẹyìn, ó ní kó lóyún, pé tí wọ́n bá rí ọmọ wọ́n á gbà. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé kí lòun máa ṣe. Mo ní kó má lóyún. Ọmọ tí a fi ṣí ilẹ̀kùn yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá lè wà níta, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, títí wọ́n á fi san owó orí, ìyàwó kì í ṣe ìyàwó lójú ìdílé. Ohun tí ẹ̀rù fi bà mí nípa ọkùnrin yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ìyá lè yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó lè ná an ní nǹkan kan. Gbogbo ewu náà, obìnrin náà ló ń gbé e. Ó fi í sílẹ̀, ó sunkún fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbà títí dòní pé ohun tó ṣe dára.

Ọmọ ilé tó ń kọ̀ ló gbọ́dọ̀ kojú ilé náà. Lọ́dọ̀ tiwa, èmi ni. Mo sọ fún ọkọ mi pé kò gbọ́dọ̀ dá lọ bá bàbá mi, kò sì gbọ́dọ̀ fi owó tàbí ẹ̀bùn ránṣẹ́, nítorí pé àbúrò bàbá mi á sọ pé ó fẹ́ ra wá. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ, ẹnu mi àti ẹnu Àǹtí mi ló máa gbà.

A tún fi ọjọ́ sí i. Mo sọ fún un pé títí di Àjíǹde tó ń bọ̀. Mo jókòó, mo sì ro ohun tí màá ṣe tí bàbá mi ò bá gbà. Bí a bá ti lé lọ́mọ ọdún 21, òfin ò béèrè ọwọ́ bàbá. Wọ́n á lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri ní kóòtù, ọjọ́ 21 á kọjá, ẹ̀yà kì í sì í ṣe ìdí tí wọ́n fi lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n kóòtù kì í wá bá ni sùn sílé ìwòsàn tí a bá bímọ. Mo ní màá tẹ̀síwájú tí màmá mi àti Àǹtí mi bá lè gba ìdána, kí n lè ní ilé tí mo lè sá padà sí. Tí kò bá sí ẹnì kankan nínú wọn tó máa dúró, màá fi í sílẹ̀. Mo sọ èyí fún un lójú rẹ̀. Ó dùn ún. Ó ní òun gbọ́. Àwọn kan ní mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó nìyẹn. Èmi mọ̀ pé obìnrin tí kò ní ibi tó lè padà sí lè jókòó sórí àpótí bíi ti Ìyá Ẹlẹ́yẹlé, àfi pé Ìyá Ẹlẹ́yẹlé ní ẹni tó wá kó o.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká kì í ṣe ẹ̀yà rárá. Ọmọ Kátólíìkì ni, ọmọ Áńgílíkà ni mí. Kí ìjọ rẹ̀ tó fún wa láṣẹ, ó ní láti ṣèlérí pé òun á sa gbogbo ipá òun kí àwọn ọmọ jẹ́ Kátólíìkì. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wa nínú gbogbo ariwo ẹ̀yà, a sì ja ìjà ńlá lórí rẹ̀. Jẹ́nótáìpù wa ni a ti yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé a ń fẹ́ ara wa. Tó bá jẹ́ pé AS ni àwa méjèèjì, kì bá sí ìtàn kankan.

Bàbá mi rán ẹnì kan sí Orlu láti ṣe ìwádìí, bí a ti ń ṣe. Kò sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, ó ní òun fẹ́ rí àgbà ìdílé wọn, kì í ṣe ọmọkùnrin náà. Bàbá arúgbó kan wá pẹ̀lú bàbá ọkọ mi. Bàbá mi bi í léèrè níṣojú gbogbo wa pé, "Tí ọmọ mi bá bí obìnrin nìkan ńkọ́?" Bàbá náà kò ṣèlérí tó dùn. Ó ní ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe tòun láti fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ òun bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún, òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lójú ayé òun. Mo rò pé ká ní ó ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀, bàbá mi ò ní gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdána, a tún kọsẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi fẹ́ dá gbogbo owó orí padà, bí ó ṣe dá ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi padà, pé a kì í ta ọmọ. Ojú àwọn àgbà Ìgbò yí padà. Lójú tiwọn, tí wọn ò bá gba owó, wọn ò tíì fún wọn ní ìyàwó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ó tún fẹ́ kọ̀ ni. Àǹtí mi ló tètè yé, ó ní kí bàbá mi mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kó dá èyí tó kù padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó máa ṣe irú ètò yìí jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó yìí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ̀yà ò tán lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nígbà ìbò gómìnà ní Èkó lọ́dún 2023, tí ọ̀rọ̀ Ìgbò àti Yorùbá gbóná gan-an, àbúrò bàbá mi fi àwọn ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí Wọ́tsáàpù ìdílé wa, ọkọ mi sì wà níbẹ̀. Mo dá a lóhùn níṣojú gbogbo wọn, nítorí pé ilé mi ni. Bàbá mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó pe ọkọ mi, ó bi í bóyá ọ̀nà ọjà rẹ̀ dára, ó sì ní tí ọ̀nà ò bá dára, kó kó wa wá sí Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a ò tíì rí parí. Ìdílé rẹ̀ gbà pé ní agboolé ọkọ ni wọ́n ń sin ìyàwó sí, bàbá mi sì ti sọ fún mi pé òun ò fẹ́ kí wọ́n sin mí sí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ mi ní èmi ni kí n sọ ibi tí mo fẹ́, òun á kọ ọ́ sínú ìwé, òun á sì fi ọwọ́ sí i. Mi ò tíì sọ ọ́.